Bí mo ṣe ka tábìlì rigíréṣọ̀n fún àsọtẹ́lẹ̀ ọjà àdìrẹ ní Òṣogbo

Ẹni tí wọ́n bá fún ní iṣẹ́ àṣetiléwá pé kó fi Excel sọ iye tí ṣọ́ọ̀bù kan máa tà lóṣù tó ń bọ̀, títẹ bọ́tìnì kọ́ ló máa yọ ọ́ lẹ́nu. Bọ́tìnì ibẹ̀ kò pọ̀. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí tábìlì `SUMMARY OUTPUT` bá yọ sójú ẹ̀rọ, tí òǹkà ṣù bo ibẹ̀ bí eèrà tó rí ṣúgà, tí èèyàn ò mọ èyí tó yẹ kóun kọ́kọ́ wò. Mo dé ibẹ̀ lọ́dún tí mo ń kọ́ ìtúpalẹ̀ ọjà títà níbí ní Òṣogbo. Díẹ̀ ló kù kí tábìlì yẹn mú mi gba àǹtí mi, àbúrò màmá mi, nímọ̀ràn tí ì bá jẹ owó rẹ̀ run díẹ̀díẹ̀ láì jẹ́ kó mọ̀. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun tí olùkọ́ wa ní ká ṣe kò ṣòroó gbọ́. Ká wá òwò kan tó wà lóòótọ́, ká gba àkọsílẹ̀ títà rẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán, lóṣooṣù, pẹ̀lú iye owó tí wọ́n ná sórí ìpolówó lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ká fi rigíréṣọ̀n, ìyẹn ìṣirò tó ń fa ìlà kan tó sún mọ́ gbogbo òǹkà náà jù lọ, wo bí ìpolówó ṣe ń mú ọjà tà, ká sọ iye tí wọ́n máa tà lóṣù tó ń bọ̀, ká sì sọ fún ẹni tó ni òwò bóyá kó fi kún owó ìpolówó tàbí kó má fi kún un.

Àǹtí mi ń ta àdìrẹ. Ó ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo ohun tó bá tà sí kó tó ti ilẹ̀kùn lálẹ́, ó sì ní òmíràn fún ìnáwó, níbi tí owó rédíò àti ti Fesibúùkù wà. Ó gbà kí n lò ó, ó kàn ní òun ò fẹ́ kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù òun wọ inú rẹ̀. Mo ro títà ojoojúmọ́ pọ̀ sí oṣù, ó sì di ìlà 24, láti oṣù kìíní ọdún àkọ́kọ́ dé oṣù kejìlá ọdún kejì. Gbogbo owó ni mo kọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà, tó fi jẹ́ pé 780 túmọ̀ sí ₦780,000. Iye yẹn náà ni ìpíndọ́gba títà rẹ̀ lóṣù kan. Ìpíndọ́gba ìpolówó jẹ́ 60. Oṣù tó ná kéré jù lọ, 30 ló ná. Èyí tó ná pọ̀ jù, 90. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 30 àti 90 yìí sọ́kàn.

Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà dé ibi rigíréṣọ̀n nínú Excel rèé. Wọ `File`, lẹ́yìn náà `Options`, lẹ́yìn náà `Add-ins`. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, tẹ `Go`, kí o máàkì `Analysis ToolPak`. `Data Analysis` á wá yọ lábẹ́ `Data`, ibẹ̀ ni `Regression` wà. Orí kọ̀ǹpútà ni kí o ti ṣe é o, torí Excel orí fóònù kò ní i. Títà ló ń lọ sínú `Input Y Range`, ìpolówó ló ń lọ sínú `Input X Range`. Tí o bá mú orúkọ òpó mọ́ ọn, máàkì `Labels`.

Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ohun tó kọ́kọ́ jáde ni `Regression - Input range contains non-numeric data.` Ohun tó fà á ni pé àwọn ibì kan wà tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ mọ́ òǹkà, bíi «65 rédíò». Lójú èmi, òǹkà ni. Lójú Excel, ọ̀rọ̀ ni. Àpótí tó ṣófo náà máa ń fa irú rẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù láti rí i ni kí o wo bí òǹkà ṣe fara ti ògiri àpótí rẹ̀: tí o kò bá tíì yí ìtò rẹ̀ padà, òǹkà gidi máa ń sún sápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ máa ń sún sápá òsì. Tí kò bá dá ọ lójú, kọ `=ISNUMBER(B2)` sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o fà á lọ sísàlẹ̀. Ibi tó bá ti sọ `FALSE` ni kí o tún ṣe.

Tábìlì àkọ́kọ́ wá jáde, ó sì dùn ún wò. `R Square` jẹ́ 0.40. `P-value` ìpolówó jẹ́ 0.0009. `Coefficients` tó wà níwájú ìpolówó jẹ́ 4.21, ti `Intercept`, òǹkà tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀, sì jẹ́ 527.4.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ kí n sọ ohun tí ìkọ̀ọ̀kan ń wí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní kíláàsì ti ń kọ ohun tí tábìlì kò sọ. `R Square` 0.40 túmọ̀ sí pé nínú gbogbo bí títà ṣe ń lọ sókè sódò láàárín oṣù 24 náà, ìdá 40 nínú 100 ló bá ìpolówó rìn. Kò túmọ̀ sí pé àsọtẹ́lẹ̀ rẹ á jóòótọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú mẹ́wàá. Lókè rẹ̀ gan-an, `Multiple R` wà níbẹ̀ pẹ̀lú 0.63, àwọn kan sì ń mú ìyẹn torí pé òun ló tóbi. Tí o bá sọ 0.63 di ìlọ́po ara rẹ̀ ni o máa rí 0.40, nínú méjèèjì, `R Square` ló ń sọ ìpín tí ìpolówó lè ṣàlàyé. `P-value` 0.0009 ń sọ pé ká ní ìpolówó kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú títà ni, yóò ṣọ̀wọ́n gan-an kí oṣù 24 tó lè tò báyìí fúnra wọn. 4.21 wá ni olórí ọ̀rọ̀: oṣù tí ìpolówó bá fi ẹgbẹ̀rún kan náírà ju ti oṣù mìíràn lọ, títà rẹ̀ fi bíi ₦4,210 ju tirẹ̀ lọ.

Mo bi àǹtí mi léèrè èrè tó ń kù sí i lọ́wọ́ nínú ₦100 ọjà, lẹ́yìn owó aṣọ, aró àti owó àwọn tó ń bá a rẹ ẹ́. Ó ní bíi ₦30. Mo ṣe ìṣirò náà: ₦4,210 títà, èrè ibẹ̀ jẹ́ ₦1,263. Ẹgbẹ̀rún kan lọ sí ìpolówó, ₦1,263 padà wọlé. Mo kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi pé kó fi kún ìpolówó lóṣooṣù. Mo tilẹ̀ ti tò ó sára tábìlì àsọtẹ́lẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, mo fi ₦80,000 ìpolówó sí oṣù kẹjọ, ó sì sọ pé yóò ta ₦864,000.

Mo gbé e lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wo gbogbo rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dé oṣù kẹjọ.

«Oṣù kẹjọ kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?»

«Ìṣirò ló sọ bẹ́ẹ̀, mà.»

«Kó lọ tún un ṣe. Oṣù kẹjọ ọdún Ọ̀ṣun, kí n ta ẹgbẹ̀rin lé? Ṣé ìwọ ò sí nílùú yìí ni?»

Mo wà nílùú. Láti kékeré ni mo ti ń rí i bí èrò ṣe ń wọ́ wá: àwọn ọmọ Òṣogbo tó wà lẹ́yìn odi, àwọn aláwọ̀ funfun, àwọn tó wá wo igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú àkójọ ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Láti ìwọ́pópó títí dé ọjọ́ tí Arugbá máa gbé igbá lọ sójúbọ, àdìrẹ ni gbogbo èèyàn ń wá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún Excel, Excel kò sì lè mọ ohun tí kò sí nínú òpó kankan.

Ohun tí mo wá fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mú lọ ni pé ẹ̀rí náà ti wà nínú ẹ̀rọ mi ṣáájú kí àǹtí mi tó lanu. Níbi tí a ti ń tẹ `Regression`, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ `Residuals` sí. Mi ò máàkì rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ torí mo rò pé àfikún lásán ni. Nígbà tí mo máàkì rẹ̀, tábìlì mìíràn jáde nísàlẹ̀, `RESIDUAL OUTPUT`, ó ń tò oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tí ìlà náà sọ pé ó yẹ kó tà, àti ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyẹn àti ohun tó tà lóòótọ́. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n, kì í ṣe orúkọ oṣù, nítorí náà o ní láti kà á fúnra rẹ. Ìlà 8: ìyàtọ̀ 200. Ìlà 20: ìyàtọ̀ 230. Kò sí oṣù mìíràn tó sún mọ́ ìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì rọra wà nísàlẹ̀ òdo. Ìlà 8 jẹ́ oṣù kẹjọ ọdún àkọ́kọ́, ìlà 20 sì jẹ́ oṣù kẹjọ ọdún kejì.

Nígbà tí oṣù kan náà bá ṣe irú rẹ̀ lọ́dún méjèèjì, tó sì gba apá kan náà yà kúrò, kò dà bí èèṣì mọ́. Ohun kan wà níbẹ̀ tí a kò kọ sílẹ̀.

Mo padà sínú ìwé ìnáwó rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún àkọ́kọ́, ó ná 78 sórí ìpolówó. Ní ti ọdún kejì, 82. Àwọn oṣù yòókù, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 58. Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Àǹtí mi mọ̀ pé èrò ń bọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń sanwó rédíò púpọ̀ sí i lásìkò náà. Èrò dé, ọjà tà. Tábìlì wo oṣù tí ìpolówó pọ̀, ó rí i pé títà pọ̀, ó sì kó gbogbo ìyìn náà fún ìpolówó. Apá kan nínú 4.21 yẹn, ọdún Ọ̀ṣun ló ni ín.

Ọ̀nà tí a fi ń sọ irú nǹkan báyìí fún Excel ni kí a dá òpó kan sílẹ̀ fún un, kí oṣù ọdún jẹ́ 1, kí oṣù yòókù jẹ́ 0. Ọjọ́ wà ní òpó A, ìpolówó ní B, títà ní D. Mo kọ èyí sí C:

```
=IF(MONTH(A2)=8,1,0)
```

Kì í ṣe àṣìṣe pé mo fi C sáàárín. Excel kì í gba òpó X tó jìnnà síra. Wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn kí o tó lè yàn wọ́n pa pọ̀ sínú `Input X Range`. Ohun mìíràn ni pé oṣù kẹjọ rọrùn nítorí inú rẹ̀ ni ọdún Ọ̀ṣun ń bọ́ sí. Tó bá jẹ́ ọjà Iléyá ni o ń wò, `MONTH` kò ní ṣiṣẹ́ fún ọ, torí Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá súnwájú lọ́dọọdún. Ọwọ́ ni wàá fi kọ 1 síwájú oṣù tó bọ́ sí.

Mo tún un ṣe pẹ̀lú òpó méjèèjì. `R Square` gòkè láti 0.40 dé 0.745. Nítorí pé `R Square` kì í lọ sílẹ̀ tí o bá fi òpó kún un, bó ti wù kí òpó náà jẹ́ yẹpẹrẹ tó, `Adjusted R Square` ló yẹ ká fi wé ara wọn: ó kúrò ní 0.37, ó di 0.72. Ìyẹn kì í ṣe ìfikún lásán. `Standard Error` tó wà lókè, lábẹ́ `Regression Statistics`, sọ̀kalẹ̀ láti 95 sí 63.4. Èmi fẹ́ràn òǹkà yìí ju `R Square` lọ torí pé owó ló fi ń sọ̀rọ̀: àsọtẹ́lẹ̀ ìlà náà sábà máa ń fi nǹkan bí ₦63,400 yẹ̀ sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀, níbi tó ti ń fi ₦95,000 yẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nísàlẹ̀, `Intercept` di 590.7, oṣù kẹjọ gba 265.6, ìpolówó sì bọ́ láti 4.21 sí 2.79.

Ìbọ́sílẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà. Èmi ò fọwọ́ kan òǹkà ìpolówó kankan, mi ò yí títà padà. Mo kàn gba ohun tó jẹ́ ti ọdún Ọ̀ṣun lọ́wọ́ ìpolówó. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ìpolówó wá ń bá ₦2,790 títà rìn báyìí, èrè ibẹ̀ ní ₦30 nínú ₦100 jẹ́ ₦837. Ẹni tó ná ₦1,000 kó lè rí ₦837, ₦163 ló sọnù lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Lórí ìwé títà tirẹ̀, ọjà ń gòkè, inú rẹ̀ á máa dùn, ṣùgbọ́n àpò rẹ̀ á máa gbẹ. Bí mo bá ti fi tábìlì àkọ́kọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kí àǹtí mi ṣe nìyẹn. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo rò ó, torí òun kò ní mọ ibi tí owó ń gbà jáde.

Ṣùgbọ́n mi ò tún fẹ́ fi ìkánjú sọ pé ìpolówó kò dára. Sápá ọ̀tún ìlà ìpolówó náà, `Lower 95%` jẹ́ 1.16, `Upper 95%` jẹ́ 4.41. Ìyẹn ni àyè tí agbára ìpolówó lè wà gan-an bí oṣù 24 yìí bá ṣe fi hàn. Kí ìpolówó tó lè san owó ara rẹ̀ padà pẹ̀lú èrè ₦30 nínú ₦100, ó gbọ́dọ̀ tó 3.33, torí 1,000 tí a pín sí 300 nìyẹn. 3.33 sì wà láàárín 1.16 àti 4.41. Nítorí náà, ó lè máa mówó wá, ó lè máa kó o lọ. Àkọsílẹ̀ yìí kò tó láti dá ẹjọ́ náà. Ohun tí mo kọ nìyẹn: kó má fi kún ìpolówó nítorí iṣẹ́ tí mo ṣe yìí, kó sì má dá a dúró nítorí rẹ̀.

`P-value` òpó oṣù kẹjọ jáde báyìí: `2.7E-05`. Ọmọ kíláàsì mi kan rí irú rẹ̀ nínú tirẹ̀, ó ní 2.7 ju 0.05 lọ fíìfíì, ó sì yọ òpó tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ dànù. `E-05` ń sọ pé kí o gbé àmì ìdá náà lọ sápá òsì lẹ́ẹ̀marùn-ún: 0.000027 ni. Tí ojú rẹ kò bá gbà á, yan àpótí náà, kí o yí i sí `Number`, kí o fún un ní àyè mẹ́fà lẹ́yìn àmì ìdá. `Significance F` lókè jẹ́ `5.9E-07`. Irú ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ, àmọ́ gbogbo òpó pa pọ̀ ni tirẹ̀ ń bá wí. Ó lè kéré dáadáa nígbà tí òpó kan nínú wọn kò wúlò rárá, nítorí náà má ṣe fi òun nìkan dáàbò bo òpó kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku àsọtẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí o bá fi èsì sí ojú ewé tuntun, tí o sì sọ ojú ewé náà ní `Esi`, àpótí B17 ni `Intercept` wà, B18 ni òpó X àkọ́kọ́, B19 ni ìkejì. Mo kọ oṣù tuntun sí ìlà 26, mo kọ iye ìpolówó tó ń gbèrò sí B26, mo kọ 0 tàbí 1 sí C26, mo wá kọ èyí sí D26:

```
=Esi!$B$17+Esi!$B$18*B26+Esi!$B$19*C26
```

Fún oṣù kẹsàn-án pẹ̀lú ìpolówó 70, ó jẹ́ 590.7 pẹ̀lú 195.3, èyí tó fún wa ní 786, ìyẹn ₦786,000. Tábìlì àkọ́kọ́ ì bá sọ ₦822,000. Fún oṣù kẹjọ pẹ̀lú ìpolówó 80, ó jẹ́ 590.7 pẹ̀lú 223.2 pẹ̀lú 265.6, tó jẹ́ nǹkan bíi ₦1,080,000. Ẹ wò ó bí tábìlì àkọ́kọ́ ṣe fi ₦216,000 já oṣù kẹjọ wálẹ̀, tó sì gbé oṣù lásán sókè. Ẹni tó bá fi í ra aṣọ pamọ́, aṣọ á tán lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò ọdún, á sì ṣẹ́ kù sí i lọ́rùn lẹ́yìn ọdún.

Olùkọ́ wa kì í gba òǹkà kan ṣoṣo. Ó máa ń ní, «Láti ibo dé ibo?» Ọ̀pọ̀ nínú wa sáré lọ mú `Lower 95%` àti `Upper 95%`, wọ́n fi wọ́n ṣe ààlà àsọtẹ́lẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Àwọn yẹn ń sọ bí agbára ìpolówó ṣe lè tóbi tàbí kéré tó, wọn kò sọ̀rọ̀ nípa iye tí oṣù kan máa tà. `Standard Error` tó wà lókè, ní B7, la fi ń ṣe ààlà. Ẹ má ṣì í mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Coefficients`, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ọ̀nà kúkúrú ni kí o mú un lẹ́ẹ̀mejì: 63.4 lọ́nà méjì jẹ́ bíi 127. Ìṣirò tó péye máa ń fẹ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìlà fúnra rẹ̀ kò dáni lójú tán. Fún oṣù kẹsàn-án, ó jẹ́ 136, nítorí náà láti ₦650,000 sí ₦922,000. Fún oṣù kẹjọ, ó fẹ̀ dé 162, láti nǹkan bíi ₦918,000 sí ₦1,242,000. Ìdí tó fi fẹ̀ ni pé oṣù kẹjọ méjì péré ló wà nínú àkọsílẹ̀. Tó bá jẹ́ ọdún kan péré ni mo ní, ọ̀rọ̀ náà ì bá burú jù báyìí lọ: òpó náà ì bá gbé oṣù kẹjọ kan ṣoṣo náà mì, ìyàtọ̀ rẹ̀ ì bá di òdo géérégé, `R Square` ì bá sì gòkè láìsí ẹ̀rí pé ọdún tó ń bọ̀ á rí bẹ́ẹ̀.

Àǹtí mi bi mí pé bí òun bá ná ₦200,000 sórí rédíò ńkọ́. Ìlà náà máa dáhùn, kò mọ bí a ṣe ń sọ pé kò sí lọ́wọ́ òun. Yóò ní ₦1,149,000 fún oṣù lásán. Ṣùgbọ́n oṣù tó ná jù nínú gbogbo àkọsílẹ̀ wa jẹ́ 90. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín 30 àti 90 nìkan la rí; lẹ́yìn 90, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá àwọn tó ń gbọ́ rédíò náà ti gbọ́ ọ tán. Bákan náà ni `Intercept` 590.7 kò túmọ̀ sí pé tí kò bá polówó rárá, ₦590,700 ló máa tà. Kò sí oṣù kankan tó ná òdo. Òǹkà tó ń gbé ìlà dúró ni.

Ohun kan tún wà tó lè bá iṣẹ́ jẹ́ láìjẹ́ kéèyàn fura. Lẹ́yìn tí mo ṣe gbogbo èyí, àǹtí mi rántí pé owó rédíò oṣù kan ti wọ inú oṣù tó tẹ̀ lé e. Mo tún un ṣe nínú B, mo wo `Esi`, kò sí ohun tó yí padà níbẹ̀. Tábìlì tí `Data Analysis` bá gbé jáde, òkú òǹkà ló wà nínú rẹ̀. Kò so mọ́ àkọsílẹ̀ rẹ mọ́. Kí o tún `Regression` tẹ̀ nígbàkígbà tí o bá yí nǹkan padà. Tí o bá fẹ́ èyí tó ń tẹ̀ lé àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí wà:

```
=LINEST(D2:D25,B2:C25,TRUE,TRUE)
```

Ẹ̀yìn ló ti ń kà á bọ̀: òpó X tó gbẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ jáde, `Intercept` á sì wà lápá ọ̀tún pátápátá. Mo fi í ṣe àyẹ̀wò. Bí 265.6 bá ṣáájú, tí 2.79 tẹ̀ lé e, tí 590.7 parí rẹ̀, a jẹ́ pé méjèèjì fẹnu kò. Lẹ́yìn àtúnṣe owó rédíò náà, òǹkà náà yẹ̀ díẹ̀ gan-an ní ẹ̀gbẹ́, kò sì yí ìmọ̀ràn padà.

Kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo to àwọn ìyàtọ̀ inú `RESIDUAL OUTPUT` lẹ́sẹẹsẹ bí oṣù ṣe tẹ̀ léra, mo fi wọ́n ya àwòrán. Mo ń bẹ̀rù ọ̀wọ́n gógó. Tí iye owó aṣọ bá ń gòkè lóṣooṣù, títà náírà á máa gòkè bí iye ìró tí wọ́n tà kò tilẹ̀ pọ̀ sí i, àwọn ìyàtọ̀ ọdún àkọ́kọ́ á wà nísàlẹ̀ òdo, ti ọdún kejì á wà lókè. Nínú tiwa, wọ́n dà pọ̀ mọ́ra, òkè nísàlẹ̀, láìsí ètò. Tí tìrẹ bá tò bí àtẹ̀gùn, fi òpó kan kún un tí o kọ 1, 2, 3 títí dé ìparí sí, kí o tó gba ìlà náà gbọ́.

Àǹtí mi kò fi kún owó ìpolówó. Ohun tó ṣe ni pé ó mú ₦20,000 kúrò nínú ti oṣù kẹjọ tó ń bọ̀, ó ní èrò tó ń bọ̀ wá sí ọdún kò dúró de rédíò, òun á gbé e sí oṣù kejì tí ọjà máa ń kú. Bí ìpolówó bá ń kéré nígbà ọdún, tó sì ń pọ̀ nígbà tí kò sí ọdún, méjèèjì kò ní máa rìn pọ̀ mọ́, tábìlì á sì túbọ̀ lè ya iṣẹ́ ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Mo ti ṣí ìlà sílẹ̀ fún oṣù méjèèjì náà nínú fáìlì rẹ̀.